Sẹ̀ǹtímítà 57: bí a ṣe wá awò fún obìnrin kan tí ìwé ń sá fún lẹ́yìn ogójì ọdún

Ẹni ọdún 47 ni obìnrin tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń jókòó sídìí tábìlì gíga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń kọ ìwé tó jáde àti èyí tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì ń dìde lọ sídìí pẹpẹ ìwé nígbà tí ẹnìkan bá ní òun ò rí ohun tí òun ń wá. Kò lo awò ojú rí. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí ìwé ti ń sá fún un. Ó kọ́kọ́ rò pé iná yàrá ni kò mọ́lẹ̀ tó, ló bá gba gílóòbù tuntun. Nígbà tí ìyẹn ò yanjú ẹ̀, ó lọ ra awò ìkàwé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tò sórí àtẹ láìyẹ ojú ẹnikẹ́ni wò. +2.50 ni agbára rẹ̀. Mo bi í léèrè bó ṣe yan nọ́ńbà yẹn. Ó ní, "Dókítà, mo dán mẹ́ta wò, èyí tó mú lẹ́tà tóbi jù ni mo mú."

Awò yẹn jẹ́ kó rí ìwé kà lóòótọ́. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà. Bó bá wọ̀ ọ́, ojú kọ̀ǹpútà a dàrú, àfi tó bá na ọrùn síwájú. Bó bá bọ́ ọ, ó ń rí i, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sán, orí á ti máa fọ́ ọ láàárín ojú méjèèjì. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ̀ ti di wíwọ̀ àti bíbọ́, ní ìgbà tí kò níye lójúmọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kò yẹ kí òun ra èyí tó lágbára ju +2.50 lọ.

Mo yẹ ojú rẹ̀ wò dáadáa kí n tó sọ ohunkóhun nípa lẹ́ńsì. Ẹ̀yìn ojú mọ́, agbára ìfúnpá inú ojú wà níbi tó yẹ, kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo máa ń béèrè ìyẹn ní pàtàkì, torí ṣúgà tó ń lọ sókè sódò máa ń yí nọ́ńbà awò padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, a ó sì máa ṣe awò fún ojú tí kò dúró sójú kan. Nígbà tí mo wá wọn ojú rẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn, mo bá +0.75 lójú méjèèjì. Ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó rí ọ̀nà jíjìn, láti kékeré. Kò mọ̀, torí ojú ọmọdé ní agbára rẹpẹtẹ láti fi bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo ní láti dúró díẹ̀ síbi agbára yẹn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Lẹ́ńsì kan wà nínú ojú wa tó máa ń wú nígbà tí a bá ń wo ohun tó súnmọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó ń le, kò sì lè wú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Dáyọ́pítà la fi ń wọn agbára ìwúsókè yìí. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: fi iye sẹ̀ǹtímítà tí nǹkan fi jìnnà sójú pín 100. Ìwé tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 ń béèrè 2.50 lọ́wọ́ ojú. Kọ̀ǹpútà tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 65 ń béèrè bíi 1.50. Ohun tó wà lókèèrè pátápátá kò béèrè nǹkan kan.

Mo fi lẹ́ńsì +0.75 sójú obìnrin náà kí ọ̀nà jíjìn lè dúró dáadáa, mo wá ń sún káàdì lẹ́tà wẹ́wẹ́ bọ̀ lójú rẹ̀ títí lẹ́tà fi dàrú. Agbára tó kù fún un jẹ́ 2.50. Nínú 2.50 yìí, bí kò bá wọ awò kankan, 0.75 ti lọ sórí ọ̀nà jíjìn kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó ku 1.75. Fi 1.75 pín 100, o bá sẹ̀ǹtímítà 57. Láìsí awò, kò sí bó ṣe lè rí ohunkóhun kedere bí ó bá súnmọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 57 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń na ìwé jìnnà.

Wá wo awò +2.50 tó rà. Ojú rẹ̀ yọ 0.75 nínú rẹ̀ fún àìpé ọ̀nà jíjìn, ó ku 1.75 fún kíkà. Fi pín 100, 57 náà ló tún jáde. Pẹ̀lú awò yẹn, kò lè rí ohun tó bá jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 57 lọ kedere. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní 65. Ó jìnnà ju ibi tí awò lè mú un dé lọ. Bó bá sì bọ́ awò, ojú rẹ̀ á kó agbára tó tó 2.29 nínú 2.50 tó ní jáde kó tó rí kọ̀ǹpútà yẹn. Kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ọjọ́ na apá rẹ̀ tán pátápátá kí ó má rẹ̀ ẹ́. Orí fífọ́ ọ̀sán kò ṣe àjèjì mọ́ nígbà tí mo rí nọ́ńbà yìí. Bó bá sì ra èyí tó lágbára ju +2.50 lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbèrò, ààlà yẹn á tún súnmọ́ ọn sí i ni, kọ̀ǹpútà á sì túbọ̀ jìnnà sí i.

Òfin tí mo máa ń tẹ̀lé fún àfikún ìkàwé, ìyẹn agbára tí a ń fi kún ti ọ̀nà jíjìn fún kíkà, ni pé kí ojú máa fi ìdajì agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ìdajì sì wà nípamọ́. Ìdajì 2.50 jẹ́ 1.25. Ìwé ń béèrè 2.50, ojú á san 1.25, lẹ́ńsì á san 1.25 tó kù. Àfikún rẹ̀ nìyẹn: +1.25 lórí +0.75 ti ọ̀nà jíjìn. Mo dán an wò nínú férémù ìdánwò pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbé e sí, kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò fẹ́ kó dín.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́.

Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí awò náà ṣe fún un. Ó ní òun fẹ́ rí ìwé, òun sì fẹ́ rí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìbọ́ ọ. Ìwé àti ọ̀nà jíjìn, nǹkan méjì. Mo bá ní kí a ṣe báífókà, lẹ́ńsì tí òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, tí fèrèsé kékeré kan fún ìkàwé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìdí tí mo fi rò pé yóò kùnà. Ìṣirò gan-an gbè mí lẹ́yìn: láti inú fèrèsé ìkàwé tó wà nísàlẹ̀ lẹ́ńsì, pẹ̀lú àfikún +1.25, ó yẹ kó rí ohun gbogbo kedere láti sẹ̀ǹtímítà 27 títí dé 80. Kọ̀ǹpútà 65 wà láàárín rẹ̀ dáadáa. Ìṣòro tí wọ́n máa ń sọ nípa báífókà, pé kì í mú àárín, kò tíì kan ẹni tí àfikún rẹ̀ ṣì kéré. Ẹni tó ti dé +2.25 tàbí +2.50 ni ìyẹn máa ń yọ lẹ́nu, torí fèrèsé tirẹ̀ kì í kọjá sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì fi ọkàn balẹ̀.

A fún un ní fèrèsé olórí títẹ́, tó fẹ̀ tó mìlímítà 28, tí ìlà rẹ̀ bá etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ dọ́gba. Olórí títẹ́ dára ju olóbìírípo lọ fún ẹni tí kò lo irú rẹ̀ rí, torí àárín gbùngbùn fèrèsé wà nítòsí ìlà, àwòrán kì í fò púpọ̀ nígbà tí ojú bá ré ìlà kọjá.

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ìwé dára, ojú àwọn èèyàn dára, ṣùgbọ́n ọrùn ń dun òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ní kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀. Mo gbé káàdì sí sẹ̀ǹtímítà 65, ó kà á dé ìlà ìsàlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀ ń rí i báyìí, mà." Ó ní, "Mo ń rí i níbí. Mi ò rí i níbi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí mi lójú. Níbí, káàdì wà lọ́wọ́ mi, nísàlẹ̀, mo sì fi ojú rẹ̀ bá fèrèsé. Mo ní kó padà síbi iṣẹ́, kó mú tépù ìwọnwọ́n, kí ẹnìkan bá a wọn nǹkan mẹ́rin nígbà tó bá jókòó bó ṣe máa ń jókòó: bí kọ̀ǹpútà ṣe jìnnà sójú, bí etí òkè kọ̀ǹpútà ṣe ga sí ojú rẹ̀, bí ìwé ṣe jìnnà, àti bí ẹni tó dúró níwájú tábìlì ṣe jìnnà. Ó mú èsì wá lọ́jọ́ kejì lórí bébà kékeré kan. Kọ̀ǹpútà wà ní 65. Ìwé wà ní 40. Èèyàn wà ní bíi mítà kan ààbọ̀. Etí òkè kọ̀ǹpútà sì bá ojú rẹ̀ dọ́gba, torí wọ́n gbé e lé orí àpótí kí àyè lè gbòòrò nísàlẹ̀.

Fèrèsé wà nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lókè. Kò sí bó ṣe lè fi fèrèsé yẹn wò ó àfi kó gbé àgbọ̀n sókè, kó tẹ ọrùn sẹ́yìn. Ohun tó sì ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ọrùn bá rẹ̀ ẹ́, á sọ orí sílẹ̀, á máa fi apá òkè lẹ́ńsì wò ó, èyí tó wà fún ọ̀nà jíjìn. Láti ibẹ̀, kọ̀ǹpútà ń béèrè 1.54 lọ́wọ́ ojú tó ní 2.50, ó ju ìdajì lọ. Ó lè ṣe é láàárọ̀. Kò lè ṣe é dọ̀sán. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn náà yé mi: bó bá wolẹ̀, fèrèsé ìkàwé ló ń gbà wò ó, ilẹ̀ sì jìnnà sójú ju sẹ̀ǹtímítà 80 tí fèrèsé lè mú lọ fíìfíì. Ìpele àtẹ̀gùn ń dàrú gan-an níbi tí ẹsẹ̀ fẹ́ gbé e lé.

Mo ti bi í léèrè ohun tó ń wò. Mi ò bi í léèrè ibi tí nǹkan náà wà sí ojú rẹ̀. Agbára lẹ́ńsì pé. Ipò ni kò pé.

A jọ sọ̀rọ̀ nípa púrógírẹ́sífù. Lẹ́ńsì yìí kò ní ìlà. Òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, agbára wá ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sọ̀kalẹ̀ títí dé ibi ìkàwé nísàlẹ̀. Ní agbedeméjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń rí ohun àárín, bíi kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìtẹ̀sílẹ̀ ojú kékeré. Ohun tí a fi ń san owó rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwòrán ti máa ń wọ́ tí ó sì ń dàrú. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè yọ èyí kúrò, ibi tí wọ́n máa gbé e sí ni wọ́n lè yàn. Bí àfikún bá ṣe ń pọ̀ sí i, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ á ṣe máa burú sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lo púrógírẹ́sífù lọ́jọ́ kan pé kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àfikún ṣì wà ní +1.00 tàbí +1.25. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó nílò +2.50 kó tó bẹ̀rẹ̀ ń bá ẹ̀gbẹ́ tó burú jù pàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ó gbà. Ó wá yan férémù tóóró kan tó wù ú. Gíga lẹ́ńsì inú rẹ̀ kò ju mìlímítà 28 lọ. Lẹ́ńsì tí mo fẹ́ lò ń béèrè pé kí ó kéré tán jẹ́ mìlímítà 18 láti àárín ọmọlójú dé etí ìsàlẹ̀ lẹ́ńsì. Nínú férémù yẹn, 15 la rí. Ó yẹ kí n kọ̀ ọ́. Mo rò pé mìlímítà mẹ́ta kò lè ba nǹkan jẹ́, inú rẹ̀ sì dùn sí férémù náà. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Ẹ̀kẹta wà níbi ìwọ̀n àárín ọmọlójú méjèèjì. Wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ojú kan dé èkejì, wọ́n rí 63, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n kọ 31.5 fún ojú kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà dé. Ó ní ọ̀nà jíjìn dára. Kíkà ìwé kò dára rárá, fèrèsé ìkàwé kéré bí ihò kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀ sì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá gbọ́ irú èyí, a máa ń sọ pé, "Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa mọ́ yín lára." Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ìmìtìtì ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó ń wọ́ máa ń lọ bí ọpọlọ ṣe ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ò wọ̀n dáadáa kì í mọ́ni lára. A gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ kí a tó rán èèyàn padà sílé.

Mo fún un ní ìwé, mo sì kàn ń wò ó. Ó gbé àgbọ̀n sókè púpọ̀, ó sì yí orí díẹ̀ sápá ọ̀tún. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń yí orí. Mo ní kó fi ìka ti awò náà sókè lórí imú. Ìwé là kedere lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí títì sókè bá mú kíkà dára, lẹ́ńsì wà nísàlẹ̀ jù tàbí ibi ìkàwé ti gé dànù. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì ni, tí ọ̀nà jíjìn ń dàrú tí ẹni náà sì ń tẹ àgbọ̀n mọ́yà kó tó ríran, lẹ́ńsì ga jù nìyẹn. Àyẹ̀wò méjèèjì kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Lẹ́yìn náà mo gba awò náà lọ sábẹ́ iná. Lórí lẹ́ńsì púrógírẹ́sífù kọ̀ọ̀kan, àmì kékeré méjì wà tí wọ́n fín sí i, tí ojú lásán kì í tètè rí, tí wọ́n fi mìlímítà 34 jìnnà síra. Lábẹ́ èyí tó wà lápá etí, wọ́n fín iye àfikún. Lábẹ́ èyí tó wà lápá imú, wọ́n fín àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mo fi kálámù sàmì sí méjèèjì, mo gbé lẹ́ńsì lé orí àtẹ àwòrán tí ilé iṣẹ́ náà ń fún wa, mo sì ya àgbélébùú ìwọ̀n padà sórí lẹ́ńsì níbi tó yẹ kí ọmọlójú wà. Mo wá dá awò padà sójú rẹ̀, mo jókòó níwájú rẹ̀ kí ojú mi àti tirẹ̀ wà ní gíga kan náà.

Àgbélébùú lápá ọ̀tún ti wọlé sí imú ju ọmọlójú lọ pẹ̀lú mìlímítà 2. Tòsì ti jáde síta pẹ̀lú mìlímítà 2. Àwọn méjèèjì ti sún sápá òsì rẹ̀. Mo tún ojú rẹ̀ wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àárín imú: ọ̀tún 33.5, òsì 29.5. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ 63, ìwọ̀n àkọ́kọ́ kò parọ́. Imú rẹ̀ ni kò wà láàárín gbùngbùn, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún lẹ́ńsì olójú kan, tí agbára kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, irú nǹkan yìí kì í ṣe bàbàrà lójú tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré báyìí. Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ó tó láti gbé ojú méjèèjì kúrò lójú ọ̀nà. Ìdí tó fi ń yí orí sọ́tùn-ún nìyẹn, kí ojú lè bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti sún sósì pàdé. Férémù náà sì ti yọ̀ sílẹ̀ lórí imú pẹ̀lú mìlímítà 2, ìyẹn lórí 3 tó ti gé dànù nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí. Mo ní, "Kì í ṣe ojú yín ló kọ̀ ọ́, mà. Àwa la ò wọ̀n ọ́n dáadáa. A máa tún un ṣe, ẹ ò ní san nǹkan kan." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun ti ń rò pé bóyá òun ti darúgbó ju kí òun kọ́ ọ lọ. Mi ò gbàgbé gbólóhùn yẹn. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n ní púrógírẹ́sífù kò bá wọn lára mu ló jẹ́ pé ìwọ̀n tiwa ni kò bá wọn mu?

A yan férémù tuntun tí gíga lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 34, tó ní ìtẹ́lé imú tí a lè tún ṣe. Kí n tó wọn ohunkóhun, mo kọ́kọ́ tún férémù ṣe lójú rẹ̀ títí kò fi yọ̀ mọ́, mo sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wọ̀n kí wọ́n tó tún férémù ṣe. Ìwọ̀n náà á yí padà ní kété tí a bá fọwọ́ kan etí awò. Gíga rẹ̀ jáde sí mìlímítà 20 lójú méjèèjì. Agbára kò yí padà rárá, +0.75 àti àfikún +1.25 náà ni. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, irú lẹ́ńsì kan náà.

Lọ́jọ́ tó gbà á, mo kọ́ ọ ní nǹkan méjì péré. Kó máa fi imú júwe ohun tó bá fẹ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó yí orí dípò kó ṣẹ́ ojú. Bó bá ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, kó tẹ orí sílẹ̀ dáadáa kí ó lè fi òkè lẹ́ńsì wo ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Mo ní kí ó má pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú awò +2.50 àtijọ́ rárá, torí ọpọlọ tó ń kọ́ ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà kì í tètè mọ èyíkéyìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀ kò mì mọ́. Ó ń ka ìwé, ó ń rí èèyàn, ó ń rìn láàárín pẹpẹ ìwé, ó ń gun àtẹ̀gùn. Mo bi í nípa kọ̀ǹpútà. Ó ní ó ti dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ Àjé àti Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn tí ó sì ń fi wákàtí mẹ́ta gbáko kọ àwọn ìwé tuntun sínú kọ̀ǹpútà, ọrùn ṣì ń fà á díẹ̀. Mo ti ń retí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣì wà lórí àpótí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì tóóró, ó ṣì ní láti gbé àgbọ̀n díẹ̀ láti bá agbedeméjì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí àpótí, kí etí òkè rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú díẹ̀. Wọ́n ṣe é, ó sì dín ọrùn fífà kù sí ìdajì, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ.

Fún wákàtí mẹ́ta yẹn, mo fún un ní awò kejì, lẹ́ńsì olójú kan péré: +2.00. Ìyẹn ni +0.75 tirẹ̀ pẹ̀lú 1.25. Gbogbo ojú lẹ́ńsì ló ní agbára kan náà, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀, kò sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń rí kedere láti sẹ̀ǹtímítà 27 dé 80, níbikíbi tó bá yí ojú sí. Ìwé wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Kò lè fi rí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kedere, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ méjèèjì yẹn.

Ẹ wo bó ṣe súnmọ́ ohun tó kọ́kọ́ rà. Láàárín +2.50 àtẹ àti +2.00 yìí, ìdajì dáyọ́pítà péré ló wà. Ìdajì yẹn ló gbé ààlà ojú rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 57 lọ sí 80, kọ̀ǹpútà 65 sì bọ́ sáàárín. Bí ẹnìkan bá ti wọn tábìlì rẹ̀ kí ó tó ra awò àkọ́kọ́, lẹ́ńsì olójú kan tó rọ̀ ju +2.50 lọ ì bá ti yanjú ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ní ọjọ́ kan. Yóò ṣì nílò nǹkan mìíràn fún àwọn tó ń dúró níwájú tábìlì, ṣùgbọ́n kì bá ti gba báífókà tó fẹ́ gbé e ṣubú.

Ìwé ìbéèrè tí mo ń lò fún ẹni tó ti kọjá ogójì ti yí padà látìgbà náà. Orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, "Kí lẹ fẹ́ fi awò ṣe?" Ó ti di àwòrán kékeré kan báyìí: orí èèyàn láti ẹ̀gbẹ́, àti ìlà tó jáde láti ojú. Mo máa ń ní kí ẹni náà fi kálámù gbé gbogbo ohun tó ń wò lóòjọ́ sí ibi tó wà, lókè tàbí nísàlẹ̀ ìlà, pẹ̀lú bó ṣe jìnnà àti iye wákàtí tó ń lò níbẹ̀. Bí ohun tòsí bá wà nísàlẹ̀ ìlà nìkan, tí ẹni náà kì í sì í gun àtẹ̀gùn púpọ̀, mo ṣì máa ń fún un ní báífókà, ó sì máa ń dára fún un. Bí ohun gbogbo bá wà nítòsí tí ó sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, olójú kan ni mo máa kọ́kọ́ dán wò. Bí ó bá ń dìde, tó ń jókòó, tó ń wo iwájú tó ń wo ọwọ́, a ó sọ̀rọ̀ púrógírẹ́sífù, a ó sì wọn ojú kọ̀ọ̀kan láti àárín imú, lẹ́yìn tí férémù bá ti jókòó sójú.

Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá fún àyẹ̀wò ọdún kejì. Àfikún rẹ̀ ti di +1.50. Awò olójú kan tirẹ̀ ṣì ń sìn ín, kò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Púrógírẹ́sífù la pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, nínú férémù kan náà, a sì tún ojú méjèèjì wọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: 33.5 àti 29.5.